Àpótí Ìfìwéránṣẹ́, Àdírẹ́sì Ìgbalẹ́tà àti Àdírẹ́sì Ojúlé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ará Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà Mọ̀

Ẹni tí ó bá ti ṣí ilé-iṣẹ́ sí Ọ̀tà tàbí Ṣàngó-Ọ̀tà rí yóò ti kọ àdírẹ́sì sínú ìwé púpọ̀: ìwé báǹkì, ìwé owó-orí, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníbàárà. Nínú àwọn ìwé mìíràn, ibi tí a ó kọ àdírẹ́sì sí ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n lè béèrè ibi tí ilé-iṣẹ́ náà wà, kí wọ́n tún béèrè ibi tí a ó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ ohun kan náà sí gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn a kọ nọ́ńbà àpótí wọn sí ibi tí a ti béèrè ojúlé, wọn a sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ohun mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra ni wọ́n. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń fúnni ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí òfin gbà kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. A fẹ́ ṣe àlàyé ìyàtọ̀ náà níhìn-ín, kí a sì fi hàn bí àṣìṣe lórí rẹ̀ ṣe lè sọ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe dáadáa di ẹni tí òfin kà sí ajigbèsè tí kò lè san gbèsè rẹ̀.

Àpótí ìfìwéránṣẹ́: ibi tí lẹ́tà ti ń dúró de olówó rẹ̀

Àpótí ìfìwéránṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Pí-Ó-Bọ́kísì, jẹ́ àpótí kékeré tí ó ní kọ́kọ́rọ́, tí ó sì wà lára ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́. Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, ìyẹn Nípọ́ọ̀sì, ni ó ni àpótí náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó wù ú, yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìbéèrè, yóò san owó lílò rẹ̀ fún ọdún kan, yóò sì gba kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, lẹ́tà tí ó bá gbé nọ́ńbà yẹn kò ní lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Inú àpótí ni yóò wà títí olówó rẹ̀ yóò fi wá ṣí i.

Àpò ìfìwéránṣẹ́ àdáni, tí a máa ń kọ ní ìkékúrú bíi Pí-Ẹ́m̀-Bí, jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn tí lẹ́tà wọn pọ̀ ju ohun tí àpótí kékeré lè gbà lọ ni a dá a sílẹ̀ fún: ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ilé-ìwòsàn ńlá, iléeṣẹ́ ìjọba. Dípò àpótí ara ògiri, àpò ni a ń kó lẹ́tà wọn sí, òṣìṣẹ́ wọn yóò sì wá gbé e.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn nípa àpótí àti àpò yìí. Èkíní ni pé Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ìfìwéránṣẹ́ sínú àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ní àṣẹ lé lórí. Nítorí náà, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ni ó ń fúnni ní nọ́ńbà àpótí, ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ sì ni. Èkejì ni pé nọ́ńbà náà kò sọ ohunkóhun nípa ibi tí ẹni tí ó ni ín ń gbé tàbí ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí àpótí wà nìkan ni ó ń tọ́ka sí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí ó wà lójú gbogbo wa ní ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Bẹ́ẹ̀lì wà ní Kìlómítà 8 ojú ọ̀nà náà, àpò ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ sì ni Pí-Ẹ́m̀-Bí 1015, Ọ̀tà. Yunifásítì Kófẹ́náǹtì wà ní Kìlómítà 10 ojú ọ̀nà kan náà, àpò tirẹ̀ sì ni Pí-Ẹ́m̀-Bí 1023, Ọ̀tà. Ẹni tí ó bá gbọ́ 1015 àti 1023 kò lè fi wọ́n mọ èwo nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó sún mọ́ ìlú, kò sì lè fi wọ́n mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Kìlómítà ni ó ń fi ọ̀nà han àlejò, nọ́ńbà àpò sì ń fi ọ̀nà han lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi máa ń wà lórí ìwé irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Àdírẹ́sì ojúlé: ibi tí ènìyàn lè dúró kí ó kan ilẹ̀kùn

Àdírẹ́sì ojúlé ni èyí tí ó sọ ibi tí ilé tàbí iléeṣẹ́ wà lórí ilẹ̀: nọ́ńbà ojúlé, orúkọ òpópónà, àdúgbò, ìlú àti ìpínlẹ̀. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 fi sísọ òpópónà ní orúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní Ọ̀tà àti Ṣàngó, ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ni iṣẹ́ yìí jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà tí onílé kàn fi ọ̀dà kọ sára ògiri láìjẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ sí i lè kọlu ti aládùúgbò rẹ̀, bí àwa fúnra wa ti ń rí i ní àwọn òpópónà tí ojúlé méjì ti ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Ní agbègbè àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, ohun méjì ni a sábà máa ń fi rọ́pò ojúlé, àwọn méjèèjì sì ní ibi tí agbára wọn mọ.

Èkíní ni kìlómítà. Láti Ṣàngó lọ sí Abẹ́òkúta, àti láti Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni ó ń jẹ́ “Kìlómítà báyìí-báyìí”. Kìlómítà kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mítà, ọ̀nà sì ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Nínú ìwọ̀n ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ogún iléeṣẹ́ lè wà. Bí ilé yín kò bá ní nọ́ńbà ojúlé, ẹ fi apá ọ̀nà tí ẹ wà kún kìlómítà náà, kí ẹ sì fi ohun kan tí kì í tètè yí padà kún un, bí afárá, ọjà tàbí ilé-ìwé ìjọba. Ilé epo kì í ṣe àmì tí ó dára, nítorí pé orúkọ rẹ̀ máa ń yí padà bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èkejì ni nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì. Ẹni tí ó ya ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ni ó fún pulọ́ọ̀tì ní nọ́ńbà, kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fún ilé ní nọ́ńbà ojúlé lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ọ. Pulọ́ọ̀tì 12 lè jẹ́ ojúlé 7, nítorí pé ẹnì kan ra pulọ́ọ̀tì méjì pọ̀ tàbí pé a bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdìkejì òpópónà. Bí ẹ bá ń lo nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì, ẹ kọ “Pulọ́ọ̀tì” síwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá kọ “12” lásán ti rán àlejò lọ sí ilé onílé.

Àdírẹ́sì ìgbalẹ́tà: ibi tí ẹ̀yin fúnra yín yàn

Ẹ̀ka kẹta yìí ni ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú, nítorí pé kò ní ilé tirẹ̀. Àdírẹ́sì ìgbalẹ́tà ni ibi tí ẹ sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí. Ó lè jẹ́ àpótí ìfìwéránṣẹ́ yín. Ó lè jẹ́ ojúlé yín gan-an. Ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn: agbẹjọ́rò yín, oníṣirò owó yín, tàbí iléeṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Nípọ́ọ̀sì ni ó fún yín ní àpótí, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fún yín ní ojúlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ yan àdírẹ́sì ìgbalẹ́tà. Nítorí pé yíyàn ni, ẹ lè yí i padà nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ni ẹ ó sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ ti fún.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ọ̀tà ni ó ń gba lẹ́tà nípasẹ̀ àpótí iléeṣẹ́ wọn. Wọn a kọ orúkọ ara wọn, wọn a kọ “nípasẹ̀” àti orúkọ iléeṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn a sì kọ nọ́ńbà àpótí. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá kúrò ńbẹ̀, ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti ìwé báǹkì rẹ̀ yóò ṣì máa lọ sínú àpótí tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ó wà lára àdírẹ́sì ìgbalẹ́tà ni nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ti àgbègbè. Ó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà. Èyí tí ó ṣáájú ń sọ ẹkùn tí lẹ́tà ń lọ ní Nàìjíríà, 1 sì ni fún Èkó àti Ògùn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ lápapọ̀ ń sọ àgbègbè tí a ó kó àpò lẹ́tà lọ, mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn sì ń sọ ibi tí a ó ti pín in. Àwọn nọ́ńbà ti Ọ̀tà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 112. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe nọ́ńbà àpótí, kì í sì í ṣe ojúlé. Ó ń gbé lẹ́tà dé àgbègbè ni, ohun tí ó kù lórí àpò-ìwé ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ yín.

Ohun tí òfin sọ nípa ilé-iṣẹ́

Òfin tí ó ń ṣe àkóso ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí a tún ṣe ní ọdún 2020, pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì kan tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìforúkọsílẹ̀ Ilé-Iṣẹ́, ìyẹn Sí-Éè-Sí. Òfin náà kò fi bọpo bọyọ̀ pé nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ tàbí ti àpò àdáni kò ṣe é gbà fún ọ́fíìsì yìí. Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó bá ní ọ̀ràn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ibi kan tí ó lè lọ, tí ó lè gbé ìwé sílẹ̀, kí ó sì lè sọ pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ òun. Ènìyàn kò lè kan ilẹ̀kùn àpótí.

Abala 104 òfin náà sọ pé a lè fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé nípa gbígbé e sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí ní olú ọ́fíìsì, tàbí nípa fífi í ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìwé ìpẹ̀jọ́ ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé ìlànà ilé-ẹjọ́. Abala 728 sì sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá yí ọ́fíìsì náà padà, ó gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 14.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn àṣẹ wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe ọ̀rá ìdìǹkan. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ilé kékeré kan ní Ṣàngó ni ó háyà, ojúlé ilé náà ni ó sì fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Sí-Éè-Sí. Ó gba àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ṣàngó, nọ́ńbà àpótí yìí ni ó sì tẹ̀ sórí gbogbo ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ gbòòrò, ó kó lọ sí ilé ńlá ní ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Àwọn oníbàárà mọ̀, àwọn awakọ̀ mọ̀, báǹkì mọ̀. Àpótí kò yí padà, nítorí náà lẹ́tà ṣì ń wọlé bí ti tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rántí Sí-Éè-Sí.

Ilé-iṣẹ́ náà jẹ ẹni tí ó ń tà á ní èròjà ní owó tí ó tó ₦1,450,000. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ọjọ́ sísan rẹ̀. Agbẹjọ́rò ẹni tí a jẹ lówó wo àkọsílẹ̀ Sí-Éè-Sí, ó rí ojúlé Ṣàngó, ó sì gbé ìwé ìbéèrè owó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù. Ẹni tuntun tí ó háyà ilé náà gba ìwé, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì gbàgbé rẹ̀. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ń lọ ṣí àpótí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kò rí ohunkóhun, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Abala 572 òfin náà sọ pé bí gbèsè tí ó ti tó àkókò sísan bá ju ₦200,000 lọ, tí ẹni tí a jẹ bá gbé ìwé ìbéèrè owó tí ó fọwọ́ sí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí ní olú ọ́fíìsì, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá láìsan, a ó ka ilé-iṣẹ́ náà sí èyí tí kò lè san gbèsè rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Ẹni tí a jẹ lówó lè gba Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ lọ láti béèrè pé kí a tú ilé-iṣẹ́ náà ká.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ náà ti parun. Bí àríyànjiyàn tòótọ́ bá wà lórí gbèsè náà, ó ṣì lè sọ tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n yóò ti máa ná owó lórí ẹjọ́ tí lẹ́tà kan ìbá ti yanjú, ẹni tí ó sì ń bá a jà yóò ní ẹ̀rí pé òun ṣe ohun tí òfin wí. Bí ó bá sọ pé òun kò rí ìwé nínú àpótí òun, a ó sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó ní kí a fi síbẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín

Bí ẹ kò bá dá yín lójú, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí a bá kó kúrò ní Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta lọ́la, kí ni yóò yí padà? Ojúlé yóò yí padà lójú ẹsẹ̀, bóyá a sọ fún ẹnikẹ́ni tàbí a kò sọ. Àpótí kò ní kúrò níbi tí ó wà. A ó máa rìn wá sí Ọ̀tà láti ṣí i, tàbí kí a gba òmíràn ní Abẹ́òkúta. Àdírẹ́sì ìgbalẹ́tà kò ní yí padà àfi bí àwa bá yí i padà.

Láti inú ìdáhùn yìí ni ẹ ó ti mọ èyí tí ẹ ó lò. Lẹ́tà lásán, ìwé ìròyìn àti ìwé ìkíni lè lọ sínú àpótí. Ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ gbà kí ó sì bu ọwọ́ lù, bí ẹrù tí àwọn agbẹ́rù aládàáni ń gbé wá, nílò ojúlé, nítorí pé àpótí inú ilé Nípọ́ọ̀sì kì í ṣe ti wọn láti ṣí. Ojúlé náà ni àwọn panápaná nílò bí iná bá sọ. Òun sì ni Sí-Éè-Sí ń béèrè.

Ní ti ilé-iṣẹ́, ẹ gbé àkọsílẹ̀ yín ní Sí-Éè-Sí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tí ẹ fi ń kọ lẹ́tà, kí ẹ wò ó bóyá ojúlé tí ó wà nínú àwọn méjèèjì ni ibi tí ẹ wà lónìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn olùdarí fọwọ́ sí ìpinnu ìyípadà ọ́fíìsì, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí àjọ náà lórí ẹ̀rọ ayélujára rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín sí ìta ọ́fíìsì bí òfin ti wí, kí ẹni tí ó gbé ìwé wá lè mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Títí ìyípadà náà yóò fi wà nínú àkọsílẹ̀, ẹ ní ẹnì kan tí yóò máa yà sí ilé àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti béèrè bóyá ìwé wà. Ẹ má fi ìyẹn dípò ìforúkọsílẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í pẹ́ kọjá.